Bí Mo Ṣe Ná Òjò ní Itele

Èmi kì í ra ọjà ní iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè é. Ẹ bi àwọn ẹlẹ́ja ọjà Ṣàngó, ẹ bi àwọn tó ń ta bàtà ní Toll Gate, wọ́n mọ̀ mí dáadáa. Tí wọ́n bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn mìíràn á ti máa wo ibòmíràn. Bí wọ́n bá pe nǹkan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, màá ní ẹgbẹ̀rún kan. Bí wọ́n bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, màá bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wá kẹ́yìn sí wọn, tí mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á pè mí padà. Ìyá mi ló kọ́ mi, èmi náà sì ti kọ́ Naimat ọmọ mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún yín, kí ẹ má baà rò pé orí mi ò pé nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìyókù.

Mùíbátù lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń to bisikíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan nínú Ilo-Awela, káṣúà sì ni mí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé. Káṣúà ni ẹni tí wọn ò ní sanwó fún lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ ò bá yá. Káṣúà ni ẹni tí wọ́n lè sọ fún láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kó má wá mọ́, tí kò sì ní rí ibì kan fẹjọ́ sùn. Nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n lẹ orúkọ ẹni mẹ́fà mọ́ ògiri, wọ́n ní àwọn yìí làwọn fẹ́ sọ di sítáàfù. Orúkọ mi ló ṣe ìkẹta. Mo fi ìka tọ́ ọ lórí ìwé náà, omi sì lé sí mi lójú, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ ẹ̀: ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí oṣù Kẹfà tó parí, kó gbàgbé ẹ̀.

Aago méje òwúrọ̀ ni wọ́n ń ti géètì wa. Ọ̀ṣìnúbí ló ń ṣọ́ ọ, ọkùnrin kan tí mi ò rí eyín rẹ̀ rí. Tí aago bá ti lu méje, ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni èèyàn máa gbà wọlé, wọ́n á sì kọ àkókò tó wọlé sílẹ̀. Itele lèmi ń gbé. Láti Itele sí Ilo-Awela, tí ilẹ̀ bá gbẹ, wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni. Tí òjò bá rọ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà wa á di odò, àwọn ọlọ́kadà á sá wọ abẹ́ òrùlé, èyí tó bá sì jáde nínú wọn á máa pe owó bíi pé ọkọ̀ òfúrufú ló ń wà. Kí oṣù Kẹfà tó dé ìdajì, mo ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, òjò ló sì fà á lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ilé kan náà ni èmi àti Tóyọ̀sí ń gbé, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, òun ló ń bójú tó kọ̀mpútà tí wọ́n fi ń kọ àkókò tí òṣìṣẹ́ wọlé nílé iṣẹ́ wa. Ó ní ó ti sú òun láti máa to orúkọ àwọn ará ilé òun sí abẹ́ àwọn tó pẹ́. Ó bá jókòó tì í, ó ṣe nǹkan kan sórí kọ̀mpútà tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù wa láàárọ̀. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún wa lọ́jọ́ Àìkú kan nínú ọgbà ilé. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo ojú ọjọ́, wọ́n á sì sọ, wákàtí kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ṣeé ṣe tó kí òjò rọ̀ níbì kan, àti bí omi rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ohun tí Tóyọ̀sí ṣe yìí á lọ bá wọn mú ti Itele àti ti Ṣàngó ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí pé èyí tí wọ́n sọ lálẹ́ àná lè ti yí padà kílẹ̀ tó mọ́. Tí òjò tó ń bọ̀ bá pọ̀ ní wákàtí tí a máa wà lọ́nà, á ní ká tètè jáde. Tí kò bá pọ̀, tàbí tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá ń darí bọ̀ ló máa rọ̀, á ní ká mú réńkóòtù dání. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, fóònù mi dún bí mo ṣe ń ṣe àlùwàlá. Ogójì pasẹ́ńtì, ó ní kí n mú réńkóòtù. Mo mú un. Oòrùn ọjọ́ náà lè dín ẹja. Mo gbé réńkóòtù lọ, mo gbé e bọ̀, àwọn ọmọdé Toll Gate fi mí ṣẹ̀sín. Nígbà tí mo délé, mo lọ bá Tóyọ̀sí pẹ̀lú ìbínú. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ogójì ò túmọ̀ sí pé ó máa rọ̀ dandan. Ó ní tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá, nínú mẹ́rin péré lòjò máa rọ̀.

Lánlọ́ọ̀dù wa, Bàbá Àmọ̀dá, jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe. Iwájú ilé ló ti ń yọ ọ́, ibẹ̀ náà ló ń sá a sí, òjò àìròtẹ́lẹ̀ sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ wa láti ọjọ́ yìí. Ó wá nu ẹnu.

"Ogójì yẹn," ó ní, "èló ni jálẹ̀ ẹ̀?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ó dà bíi pé wọ́n taná sí mi lórí ni. Ẹ wò ó, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni ò pe iye kan fún mi rí kó jẹ́ pé iye tó fẹ́ gbà gan-an nìyẹn. Kí ló wá dé tí mo fi ń gba ti òjò bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù ní àádọ́rin. Mo kan fèrèsé Tóyọ̀sí, mo ní àádọ́rin ti pọ̀ jù, ká fi sí ogún. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Mo ní ó dáa, ọgbọ̀n. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo kẹ́yìn sí i, mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, kò pè mí padà, ṣùgbọ́n òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ta ló wá fẹ́ sọ fún mi pé kì í ṣe ẹnu mi ló ṣiṣẹ́?

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ẹnu fèrèsé Tóyọ̀sí ti di ọjà. Afeezat tó ń dín àkàrà níta ní ọgbọ̀n lòun lè gbà, torí pé òjò kì í jẹ́ kí iná òun jó. Ọkùnrin kan wá láti àdúgbò kejì, ó ní òun ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí Tóyọ̀sí bá òun ṣe é ní mẹ́wàá, pé tó bá ṣe òun dáadáa, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà lòun á máa wá. Lánlọ́ọ̀dù ní tòun ò lè jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú tàwọn tó ń ra ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, òun fẹ́ kó gbogbo ìyókù oṣù Kẹfà lẹ́ẹ̀kan náà. Tóyọ̀sí kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń dùn ún. Ó ń sọ pé kì í ṣe òun lòun ń fi iye lé e. Àwa náà sì mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Èwo nínú àwọn ọlọ́jà ni kì í sọ pé òun kọ́ lòun fowó lé e, pé bí wọ́n ṣe gbé e fún òun nìyẹn?

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wa ná an. Jabez ni, ará Ọ̀ṣun, tó ń gbé yàrá ìgbẹ̀yìn. Ìdí ààrò ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ wa, káṣúà bíi tèmi, orúkọ tiẹ̀ náà sì wà lára àwọn mẹ́fà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ta abẹ́rẹ́ fún Jabez ní owó ọkọ́, yóò san án, yóò tún dúpẹ́. Ó bi wá bóyá ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀ náà ló ni òjò. A wò ó tàánútàánú, a sì ń bá ọjà wa lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, a kóra jọ lọ bá Tóyọ̀sí, lánlọ́ọ̀dù ṣíwájú, a ru páálí mọ́ọ̀tì kan dání. Lánlọ́ọ̀dù sọ fún un pé ìwà ọmọlúàbí tó ní lòun ṣe fún un nílé, kó má ṣe jẹ́ kí ojú ti àgbà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni Tóyọ̀sí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú àgbà sọ pé rárá. Ó ní nǹkan kan wà tó wà lọ́wọ́ òun. Ó ní òun ti fi òdiwọ̀n sí ti oníkálukú: tí òjò ò bá tíì tó ọgbọ̀n pasẹ́ńtì, fóònù ò ní dún. Òun lè gbé òdiwọ̀n náà sókè fún ẹni tí ariwo bá ti sú.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o," ó ní. "Òjò ò ní dín kù. Fóònù yín ni ò ní sọ ọ́ fún yín mọ́."

Ó sọ ọ́. Mo ń jẹ́rìí sí i níwájú Ọlọ́run. Etí tí mo sì fi gbọ́ ọ ni etí tí èèyàn fi ń gbọ́ ọlọ́jà tó ń ráhùn pé òun ò jèrè kankan lórí ohun tí òun ń tà.

Ó ní àádọ́ta. Mo ní ọgọ́rùn-ún. Ó ní tó bá ti jẹ́ ọgọ́rùn-ún, a jẹ́ pé kò ní dún láéláé. Mo ní ká jọ pàdé lójú ọ̀nà. Lánlọ́ọ̀dù ti fara mọ́ àádọ́rùn-ún, ó sì ti ń ṣí mọ́ọ̀tì. Èmi ò kúrò nílẹ̀ títí ó fi fún mi ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo fi márùn-ún ju lánlọ́ọ̀dù lọ nínú ilé ara rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe Naimat lórí fóònù kí n lè ròyìn ẹ̀ fún un.

Àlùhámúdúlílàhì, fóònù dákẹ́. Ọjọ́ méje gbáko, kò dún, òjò gidi kan ò sì rọ̀ láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ṣẹ́ wínníwínní nígbà tí mo dé Toll Gate, mo ní èènì nìyẹn, ọlọ́jà tó dáa máa ń fi èènì sí i. Fóònù Jabez ń dún ní tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á di réńkóòtù rẹ̀ mọ́ abíyá nínú oòrùn, àánú rẹ̀ á sì ṣe mí. Mo tilẹ̀ fẹ́ bá a ná tiẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ní kí n má ṣèyọnu.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹfà bọ́ sí. Wọ́n ti sọ fún wa pé ọjọ́ náà la máa bu ọwọ́ lùwé. Mo lọ bùbá léèsì mi látàárọ̀ àná, mo nu bàtà tuntun, mo gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo wo fóònù ní aago márùn-ún, kò sọ nǹkan kan. Mo ń tẹ́ ẹní ìkírun lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Jabez ni. Ó ti wọ réńkóòtù rẹ̀ dé ọrùn, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó so ọ̀rá mọ́ bàtà.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Naimat. Márùndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n kọ sí tèmi. Wọ́n ní òjò ńlá ni láti aago mẹ́fà, ká fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò wa. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

"Tìẹ nìyẹn, Jabez," mo ní. "Ta ló ní kí o má ná a?"

Ó dúró, ó wò mí bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wá rántí pé mo jù ú lọ. Ó ní ó dàbọ̀ mà. Mo kírun mi. Mo ṣàdúrà fún un pẹ̀lú, pé kí Ọlọ́run la ojú rẹ̀ kí wọ́n yé rẹ́ ẹ jẹ.

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ni mo jáde, bí mo ṣe máa ń jáde. Ojú ọ̀run dúdú, mo ní òwúrọ̀ ṣì ni. Mi ò tíì dé ibùdó ọ̀kadà tí ẹ̀kán kìíní fi bà mí lórí. Èkejì ò dá wá, gbogbo rẹ̀ ló jọ wá. Mo sá padà sí abẹ́ òrùlé ilé wa, mo bá lánlọ́ọ̀dù láàárín ọgbà, pẹ̀lú ṣòkòtò ìsùn. Igba búlọ́ọ̀kù tó yọ ní ìrọ̀lẹ́ àná ń yọ́ padà di iyanrìn lójú rẹ̀. Ó na fóònù sókè sí ọ̀run, ó ń pariwo pé àádọ́rùn-ún làwọn jọ sọ. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí géètì.

Mi ò lè ròyìn ọ̀nà náà tán. Kò sí ọ̀kadà. Mo fi ẹsẹ̀ rìn nínú omi tó dé orúnkún, bàtà tuntun kan bá omi lọ, mo bọ́ èkejì mo mú un dání, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ ń rìn bí aboyún. Ní gbogbo ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ló ń dún lórí mi: ọdún mọ́kànlá, ọdún mọ́kànlá.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni mo dé. Ọ̀ṣìnúbí ti ti géètì. Mo ní kó jọ̀ọ́, ká fi sí méje. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Mo ní ó dáa, méje kọjá ìṣẹ́jú méjì, kó má fi tèmi ṣe, kó wo ti Ọlọ́run.

"Ìyá Naimat," ó ní, "eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́."

Ó ṣí ẹnu ọ̀nà kékeré fún mi. Mo wọlé, omi ń kán lára mi títí dé iwájú tábìlì Tóyọ̀sí. Ọmọ náà dìde nígbà tó rí mi. Kò bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sọ pé ṣebí òun sọ ọ́. Ó wo ẹ̀yìn, ọ̀gá rẹ̀ wà ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé kọ̀mpútà.

"Mọ́mì Naimat," ó rọra ní, "kí ni kí n kọ?"

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń dúró de irú ìbéèrè yẹn lẹ́nu ọlọ́jà: èló lẹ máa san? Tí mo bá ní kó kọ mẹ́fà àbọ̀, á kọ ọ́, torí kò lè sọ pé rárá fún àgbà. Kámẹ́rà sì wà lórí géètì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, òun ni wọ́n máa lé, òun tó jókòó ti kọ̀mpútà lórí ọ̀rọ̀ wa kí a má baà pẹ́. Iye náà ti wà lórí ahọ́n mi. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ó wù mí kí n sọ ọ́.

"Kọ ohun tí aago sọ," mo ní. "Mi ò ná an."

Ó kọ ọ́. Òun ló sunkún, èmi kọ́. Omi tó wà lára mi ti tó.

Ẹni márùn-ún ló bu ọwọ́ lùwé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Jabez bu ọwọ́ lù ú níbi àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn án, kò tilẹ̀ ka ojú ìwé kejì. Nígbà tó jáde, kò lè wo ojú mi. Mo kí i kú oríire, ó sì dé inú mi, torí pé ó kanlẹ̀kùn mi láàárọ̀ yẹn, tó sì yẹ kó ti máa lọ.

Nígbà tí mo délé, lánlọ́ọ̀dù jókòó sórí iyanrìn rẹ̀, ó ní kí Tóyọ̀sí dá mọ́ọ̀tì padà. Ọmọ náà ti ń kó àwọn tó ṣẹ́kù jáde. Mo ní kó dá wọn padà sínú yàrá. Mo sọ fún lánlọ́ọ̀dù pé Tóyọ̀sí sọ fún wa, etí wa ló di, pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ló bi Tóyọ̀sí bóyá ó lè gbé tòun padà sílẹ̀. Mo ní kó gbé tèmi náà padà. Ó bi mí iye tí mo fẹ́. Mo bi í iye tó kọ́kọ́ fi sí i. Ó ní ọgbọ̀n. Mo ní kó fi sí ọgbọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún: ogójì, mú réńkóòtù. Mo wọ̀ ọ́ láti ilé. Òjò ò kán títí mo fi dé Ṣàngó, òógùn bò mí, àwọn ọmọdé Toll Gate tún rí mi. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni mo dé géètì. Ọ̀ṣìnúbí wo oòrùn tó ń yọ, ó wo réńkóòtù, ó bi mí iye tí wọ́n pe òjò tòní. Mo ní ogójì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí eyín rẹ̀. Ó bi mí bóyá mi ò ná an ni.

Mo ní rárá, mo san án bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ni mo kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn káṣúà, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọdún kejìlá.